Bí ẹ ṣe lè ṣàlàyé àwòrán ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún oníṣọ́ọ̀bù tí yóò sì yé e

Ẹ ti ya àwòrán tó ń fi ọfà hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ láàárín àwọn tó wà nídìí ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì dáa. Ọfà pé, orúkọ pé. Ẹ tẹ́ ẹ síwájú oníṣọ́ọ̀bù tó ni ìkànnì, ẹ fi ìṣẹ́jú 20 ṣàlàyé, ó sì ń mi orí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó pè yín: "Oníbàárà kan ní báńkì ti yọ owó òun, ìkànnì wa sì ń sọ pé kò tíì san. Ta ló ń purọ́ nínú wọn?" Inú àwòrán tó ń mi orí sí yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Kò rí i níbẹ̀ ni.

Ohun tó ń fà á kò ju pé a máa ń ṣàlàyé gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán, dípò kí a ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa bi oníṣọ́ọ̀bù léèrè. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló ń dojú kọ ọ́: Ṣé oníbàárà ti san? Ṣé kí n fi ọjà ránṣẹ́? Owó mi dà? Ọfà tí kò bá ràn án lọ́wọ́ láti dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi sílẹ̀ fún àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

## Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ wá bébà ńlá kan, bírò aláwọ̀ méjì, owó ẹyọ méjì àti ìdérí ìgò kan tó lè bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹ má fojú di owó ẹyọ àti ìdérí yìí, àwọn ló máa ṣe iṣẹ́ tí ẹnu yín kò lè ṣe.

Ẹ tún wá ọ́dà gidi méjì láti inú àkọsílẹ̀ ìkànnì náà: ọ̀kan tó lọ geere, ọ̀kan tó dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ àsìkò tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Ọ́dà tí oníṣọ́ọ̀bù rántí wàhálà rẹ̀ máa ń yé e ju àpẹẹrẹ tí ẹ hùmọ̀ lọ. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, mo máa pe èyí tó lọ geere ní 4172, èyí tó dá wàhálà sílẹ̀ ní 4180.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ dín àwòrán náà kù sí ẹni mẹ́rin

Àwòrán tí ẹ yà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lè ní ẹni mẹ́wàá: ojú ìkànnì, ẹ̀yìn ìkànnì, ibi tí à ń kó àkọsílẹ̀ sí, ilé-iṣẹ́ káàdì bíi Físà tàbí Másítákáàdì, àti báńkì lóríṣiríṣi. Ẹ tún un yà pẹ̀lú mẹ́rin péré. Oníbàárà àti fóònù rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan. Gbogbo ohun tó jẹ́ ti oníṣọ́ọ̀bù jẹ́ "Ìkànnì yín". Ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ "Alárinà". Ẹni kẹrin ni báńkì tó fún oníbàárà ní káàdì.

Tí ẹ bá ń lo Mermaid, ètò tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ di àwòrán, ohun tí ẹ máa kọ nìyí:

```
sequenceDiagram
    autonumber
    participant O as Oníbàárà
    participant I as Ìkànnì yín
    participant A as Alárinà
    participant B as Báńkì oníbàárà
    O->>I: Mo fẹ́ ra ọjà yìí
    I->>A: Ẹ bá mi gba owó ọ́dà 4172
    I-->>O: Lọ sanwó lọ́dọ̀ Alárinà
    O->>A: Nọ́ńbà káàdì mi nìyí
    A->>B: Ṣé òun ló ni káàdì yìí?
    B->>O: Fi kóòdù yìí jẹ́rìí ara rẹ
    O->>B: Kóòdù náà nìyí
    A->>B: Ṣé owó yìí wà?
    B-->>A: Ó wà, mo ti yà á sọ́tọ̀
    A-->>O: Ó ti yege, padà sí ìkànnì
    O->>I: Mo ti padà dé
    A-)I: Owó ọ́dà 4172 ti yege
    I->>A: Ṣé lóòótọ́ ni?
    A-->>I: Lóòótọ́ ni, iye rẹ̀ sì pé
```

Ẹ wo bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ sórí ọfà kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi ẹnu sọ sí ènìyàn ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Tí ẹ bá fi `POST /charges` sílẹ̀ lórí ọfà, ojú oníṣọ́ọ̀bù máa ré kọjá rẹ̀, kò sì ní bi yín ní nǹkan kan, nítorí kò fẹ́ kí ẹ rò pé òun kò mọ̀wé.

Mo fo àwọn ọfà kan, bíi èyí tí báńkì fi sọ fún Alárinà pé kóòdù náà tọ̀nà. Kò sí èyí tí oníṣọ́ọ̀bù máa fi dáhùn ìbéèrè kankan nínú wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ bi í pé, "Nínú àwọn mẹ́rin yìí, èwo ni tiyín?" Tó bá fi ìka kan Ìkànnì nìkan, ẹ tẹ̀síwájú. Tó bá fi kan Alárinà pẹ̀lú, ẹ dúró. Ẹni tó bá rò pé òun ló ni Alárinà máa rò pé ọwọ́ òun ni owó ti wà láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún èyí. Ìlà gígùn tó wálẹ̀ lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ẹni náà fúnra rẹ̀, tó dúró síbi kan. Òkè ni ìbẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ìparí: ohun tó wà lókè ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ọfà tí ìlà rẹ̀ lọ tààrà jẹ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tí ìlà rẹ̀ já wẹ́wẹ́ jẹ́ ẹni tó ń dáhùn.

Lẹ́yìn náà ẹ sọ gbólóhùn kan yìí, kí ẹ sì tún un sọ: ọfà kì í ṣe owó, ọ̀rọ̀ ni. Mi ò tíì rí àṣìṣe tó gbilẹ̀ ju èyí lọ. Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa máa ń wo ọfà tó ti ọ̀dọ̀ oníbàárà lọ sí ọ̀dọ̀ Alárinà, ó sì máa rí owó tó ń rìn. Tí ẹ kò bá tú èrò yẹn ká kíá, gbogbo ohun tí ẹ bá sọ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gba ibòmíràn wọ etí rẹ̀.

Ẹ gbé owó ẹyọ kan sórí ìlà Báńkì oníbàárà. Ẹ sọ fún un pé ibẹ̀ ni owó wà, àti pé kò ní kúrò níbẹ̀ títí ọfà 14 fi máa parí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ fi bírò kan ọfà 4, kí ẹ sì béèrè pé, "Níbí yìí, ibo ni owó wà?" Ìdáhùn tí ẹ fẹ́ ni, "Ó ṣì wà ní báńkì oníbàárà."

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ bá a rin ọ́dà tó lọ geere

Ẹ mú ọ́dà 4172. Kí oníṣọ́ọ̀bù fi ìka ara rẹ̀ tọ ọfà náà láti 1, ẹ̀yin ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ má gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 4, oníbàárà tẹ bọ́tìnnì ìsanwó. Ìkànnì fi nọ́ńbà ọ́dà àti iye owó ránṣẹ́ sí Alárinà, ó sì darí oníbàárà síbẹ̀. Ní ọfà 4, ẹ dúró díẹ̀. Oníbàárà ti kúrò ní ìkànnì yín, ọ̀dọ̀ Alárinà ló ti ń tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ èyí, nítorí lọ́jọ́ kan ẹnìkan máa pè é pé, "Ẹ bá mi yọ káàdì mi kúrò lọ́dọ̀ yín." Ìdáhùn rẹ̀ wà lórí bébà: nọ́ńbà káàdì kò fìgbà kan kan ìlà tiyín. (Bí ìkànnì yín bá ń gba nọ́ńbà káàdì fúnra rẹ̀, ọfà 4 yàtọ̀. Ẹ yà á bó ṣe rí gan-an.)

Ọfà 5 dé 7 ni báńkì fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó di káàdì mú ló ni ín. Kóòdù wọ fóònù oníbàárà, ó tẹ̀ ẹ́. Ní ọ́dà 4172, èyí gba ìṣẹ́jú-àáyá 34, nítorí ènìyàn ló ń wá fóònù rẹ̀ kiri. Gbogbo ọfà yòókù pa pọ̀ kò gba tó bẹ́ẹ̀. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ń ráhùn pé ìsanwó ń pẹ́, ibí yìí ni kó kọ́kọ́ wò.

Ọfà 8 àti 9 ni ọ̀rọ̀ gan-an. Alárinà béèrè bóyá owó wà. Báńkì wò ó, ó ní ó wà, ó sì yà á sọ́tọ̀. Nínú èdè àwọn báńkì, nọ́ńbà ìdáhùn yìí ni `00`. Ẹ mú ìdérí ìgò, kí ẹ fi bo owó ẹyọ náà níbi tó wà. Ẹ jẹ́ kó wò ó dáadáa. Owó náà kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n oníbàárà kò lè ná an mọ́. Ìdí nìyí tí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì fi lè sọ fún un pé owó ti dín kù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gba nǹkan kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: "Oníbàárà ní owó òun ti lọ. Ṣé òótọ́ ló sọ?" Tó bá dáhùn pé owó wà lábẹ́ ìdérí, pé kò sí lọ́wọ́ oníbàárà, kò sì sí lọ́wọ́ òun náà, ó ti yé e.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ọ̀nà méjì tí ìròyìn ń gbà padà

Bí ẹ bá ní àsìkò fún ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, èyí ni kí ẹ mú. Ọ̀nà kan ò wọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn ìsanwó kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo padà sílé.

Ẹ fi bírò aláwọ̀ kejì tún ọfà 10 àti 11 tọ̀. Ọ̀nà oníbàárà nìyẹn. Alárinà sọ fún oníbàárà pé ó ti yege, fóònù rẹ̀ sì gbé e padà sí ìkànnì yín. Lẹ́yìn náà ẹ fi àwọ̀ àkọ́kọ́ tẹ ọfà 12 kó dúdú dáadáa. Ọ̀nà ìránṣẹ́ nìyẹn. Alárinà kọ ìwé sí Ìkànnì tààrà, kò gba ọwọ́ oníbàárà rárá.

Oníṣọ́ọ̀bù máa béèrè pé kí ni a fẹ́ fi méjì ṣe. Ẹ mú ọ́dà 4180 jáde.

Ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 12, oníbàárà tẹ kóòdù, báńkì sì ní owó wà. Kí fóònù tó gbé e padà, iná fóònù náà kú. Ẹ fa ìlà pa ọfà 11: kò ṣẹlẹ̀. Alárinà fi ìwé ránṣẹ́ ní ọfà 12, àmọ́ a ń tún ìkànnì ṣe lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, kò dáhùn. Alárinà dúró díẹ̀, ó tún fi ìwé náà ránṣẹ́, ó sì wọlé ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 17. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ni oníbàárà fi rí i lórí fóònù mìíràn pé owó òun ti dín kù, tí oníṣọ́ọ̀bù sì ń rí "kò tíì san". Ẹ jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ sọ ẹni tó purọ́. Ó máa wo bébà, ó sì máa rí i pé kò sí ẹnì kankan. Ìròyìn ṣì wà lójú ọ̀nà ni.

Ẹ sọ èyí tó kù fún un pẹ̀lú. Ká ní ọ̀nà oníbàárà nìkan ni ìkànnì náà ń gbọ́, ọ́dà 4180 ì bá wà ní "kò tíì san" títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ti wà lábẹ́ ìdérí. Ẹni tó bá sì mọ àdírẹ́sì ojú ìwé "ẹ ṣeun, ẹ ti sanwó" lè tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Oníbàárà kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀.

Ìwé tó gba ọ̀nà ìránṣẹ́ wọlé náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, torí ẹnikẹ́ni lè kọ ìwé kó fi orúkọ Alárinà sí i. Nítorí náà Ìkànnì máa ń yẹ àmì ìdánimọ̀ tó wà lára ìwé náà wò, á sì padà bi Alárinà: ọfà 13 àti 14. Ohun mẹ́ta ló ń wò nínú ìdáhùn náà: ṣé ó yege, ṣé nọ́ńbà ọ́dà bára mu, ṣé iye owó pé. Ẹ má fo ẹ̀kẹta. Ìsanwó lè yege kó sì jẹ́ pé iye kékeré ni wọ́n san.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù níbí. Ìwé kan náà lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí Alárinà kò bá gbọ́ pé ìkànnì ti rí ti àkọ́kọ́. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ń gba ìròyìn ìsanwó lórí í-meèlì, ẹ sọ fún un pé kó wo nọ́ńbà ọ́dà kó tó di ẹrù. Ìwé méjì tó ní nọ́ńbà ọ́dà kan náà àti nọ́ńbà ìsanwó kan náà jẹ́ ìsanwó ẹyọ kan. Bí nọ́ńbà ìsanwó bá yàtọ̀, oníbàárà san ẹ̀ẹ̀mejì lóòótọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá ọ̀kan padà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ fi ọwọ́ bo ọfà 11, kí ẹ ní, "Kí ni ìkànnì máa ṣe?" Ó yẹ kó ní ó máa gbọ́ láti ọfà 12. Ẹ wá bo ọfà 12, kí ẹ ṣí 11 sílẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá òun lè di ẹrù. Tó bá ní, "Rárá, ó dìgbà tí a bá kọ́kọ́ bi Alárinà," ẹ ti ṣe èyí tó le jù.

## Ìgbésẹ̀ 5: Àpótí "bí ó bá rí báyìí"

Nínú àwòrán tiwa, a máa ń fi àpótí yí ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè yà sí ọ̀nà púpọ̀ ká. Ẹ fi àpótí yí ọfà 9 ká, kí ẹ kọ ìdáhùn mẹ́ta sínú rẹ̀: "ó wà", "rárá", àti "kò sí ìdáhùn".

"Ó wà" ti yé e. "Rárá" náà kò le: nọ́ńbà `51` túmọ̀ sí pé owó kò tó, `54` pé ọjọ́ káàdì ti kọjá. Kò sí ìdérí lórí owó ẹyọ, oníbàárà lè lo káàdì mìíràn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Alárinà béèrè, báńkì kò fọhùn. Bóyá ìbéèrè kò dé ọ̀dọ̀ báńkì. Ó sì lè jẹ́ pé ó dé, báńkì ti bo owó ẹyọ mọ́lẹ̀, ìdáhùn ló sọnù lójú ọ̀nà. Láti ibi tí a dúró sí, méjèèjì jọra, a kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Àṣìṣe tí oníṣọ́ọ̀bù máa ń ṣe ni pé ó ka ìdákẹ́jẹ́ sí "rárá", ó sì sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ tún un san." Bó bá jẹ́ ìdáhùn ló sọnù, owó ẹyọ méjì ló máa wà lábẹ́ ìdérí fún ọjà kan.

Ohun tó yẹ ni kí ìkànnì kọ "à ń dúró dè é" sára ọ́dà náà, kó sì máa fi nọ́ńbà ìsanwó bi Alárinà léèrè títí ìdáhùn tó dájú fi máa wá. Oníṣọ́ọ̀bù náà lè wò ó fúnra rẹ̀ ní ojú ìwé tí Alárinà fún un. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé bí ìsanwó kò bá yege lẹ́yìn tí ìdérí ti wà lórí owó, báńkì oníbàárà ló máa ń ṣí ìdérí náà. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, oníṣọ́ọ̀bù kò sì ní ọwọ́ tó lè fi ṣí i ní tipátipá. Kó má ṣèlérí "ní wákàtí kan" fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ sọ pé, "Ojú ìwé ń yí, kò dáhùn, oníbàárà ń bínú lórí fóònù. Kí lẹ máa sọ fún un?" Bí "ẹ tún un san" bá jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ padà sórí owó ẹyọ, kí ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èkejì sábẹ́ ìdérí kó rí i.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ìgbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn

Báyìí ẹ fi ìlà karùn-ún kún un ní etí bébà: "Báńkì yín". Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ ọfà 14, kí ẹ kọ "lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ". Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ wá gbé owó ẹyọ náà láti báńkì oníbàárà lọ sí báńkì oníṣọ́ọ̀bù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí owó kúrò lójú kan nìyí.

Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ níbí, àmọ́ ẹ má fo owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ lójú ọ̀nà. Alárinà sábà máa ń san owó ọ́dà púpọ̀ pa pọ̀, lẹ́yìn tó ti yọ tirẹ̀. Nítorí náà iye tó wọ báńkì kò ní bá iye ọ́dà kankan mu, oníṣọ́ọ̀bù tó bá sì ń wá 4172 nínú ìwé báńkì rẹ̀ kò ní rí i. Àkọsílẹ̀ ìsanwó tí Alárinà ń ṣe ni kó wò, ibẹ̀ ni a ti to ọ́dà kọ̀ọ̀kan sí.

Àwọn ìkànnì kan máa ń dúró di ìgbà tí wọ́n bá di ẹrù kí wọ́n tó ní kí a ṣí ìdérí. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọfà kan sí i láti Ìkànnì sí Alárinà: "Ẹ gba owó náà báyìí." Bí ó bá pẹ́ jù kí ọfà yẹn tó lọ, báńkì oníbàárà lè dá owó náà sílẹ̀ fún oníbàárà, ọjà á sì ti lọ láìsí owó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ yí bébà náà dojú dé, kí ẹ fún un ní òmíràn tó mọ́, kí ẹ ní kó ya ọ́dà 4180 fún yín. Kò pọn dandan kí ọfà rẹ̀ pé 14. Ẹ wò ó bóyá ó ya ọ̀nà méjì padà sí Ìkànnì, àti bóyá ó fi owó ẹyọ sí báńkì oníbàárà títí dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìgbésẹ̀ tó ni ín nìkan ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ fi bébà tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì kọ ohun mẹ́ta tó máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: nọ́ńbà ọ́dà, àsìkò tó sanwó, àti ohun tó rí kẹ́yìn lójú fóònù. Láti inú ẹ̀kẹta yẹn ló ti máa mọ ọfà tí ọ̀rọ̀ dúró sí.